Ibi tí ìwé wa dé ni ká máa béèrè, kì í ṣe ìgbà tí owó máa jáde

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, àwa tí à ń kó ọjà fún ilé-ìṣẹ́, iléèwé àti ọsibítù aládàáni ló kàn jù, ṣùgbọ́n ìyàwó tó ń retí owó oúnjẹ àti ọmọ tó ń retí owó iléèwé náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀rọ̀ owó tó há sí àkáǹtì ni.

A ti gbé ọjà dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ti gbà á, wọ́n tilẹ̀ ti ń lò ó. A ti fi ínfọ́ìsì sílẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa ti pé, ó ti kọjá. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo lẹ máa sanwó wa?" Wọ́n á ní, "Ó wà lórí rẹ̀, ó ti fẹ́ jáde." A dé ibẹ̀ fúnra wa, wọ́n ní sai gòbe. Ẹni tó bá ti gbé Kánò yìí pẹ́ mọ̀ pé ọ̀la tí wọ́n ń wí yẹn lè di oṣù méjì.

Èrò tiwa nìyí: ìbéèrè tí à ń bi wọ́n yẹn ni kò dáa. Akọ̀wé tó jókòó sí àkáǹtì kọ́ ló ń pinnu ọjọ́ tí owó máa jáde. Tí a bá bi í ní ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, èsì tó máa jẹ́ ká kúrò níwájú rẹ̀ ló máa fún wa, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ purọ́ dandan. Ṣùgbọ́n tí a bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ínfọ́ìsì wa dé báyìí? Ṣé wọ́n ti buwọ́ lù ú fún sísan, àbí ọ̀dọ̀ ẹnì kan ló ṣì wà? Ṣé ìwé kan ló kù tí ẹ ò tíì rí?" èyí wà níkàáwọ́ rẹ̀. Á ṣí fáìlì tàbí kọ̀ǹpútà, á sì rí i. Ẹni tó bá ti wo fáìlì kò lè ṣàdéédé sọ pé ó ti fẹ́ jáde mọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí ìwé ṣe ń rìn nílé-ìṣẹ́ tó létò díẹ̀. Ẹ̀ka tó nílò ọjà á béèrè, ẹni tó ń bá wọn ra ọjà á fún wa níwèé àṣẹ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ẹ̀lìpíò. A ó gbé ọjà lọ pẹ̀lú wébíìlì. Ọ̀gá sítọ́ọ̀ á kà á, á sì kọ ìwé tirẹ̀ pé báyìí ni ohun tí òun gbà ṣe pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà ni ínfọ́ìsì wa á dé àkáǹtì. Ohun tí akọ̀wé máa kọ́kọ́ ṣe ni pé á tẹ́ ìwé mẹ́ta síwájú ara rẹ̀: ẹ̀lìpíò, ìwé sítọ́ọ̀, àti ínfọ́ìsì. Irú ọjà gbọ́dọ̀ bára mu, iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu, owó rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ bára mu. Tí ó bá ti dọ́gba, á kọ ìwé ìsanwó, á gbé e fún olórí àkáǹtì, níbòmíràn ọ́dítọ̀ á tún yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó wá dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó láṣẹ láti buwọ́ lù ú. Tí owó bá pọ̀, ó lè jẹ́ ọ̀gá méjì. Ìgbà yẹn ni orúkọ wa á ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìwé tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí báńkì.

Tí ìwé mẹ́ta yẹn kò bá dọ́gba, ọ̀tọ̀ ni fáìlì tí wọ́n máa fi í sí. Ohun tó ń bí àwọn èèyàn wa nínú ni pé kò sí ẹni tó máa pè wọ́n pé ó ti há. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Iṣẹ́ akọ̀wé yẹn ni pé kó má jẹ́ kí owó tí kò yẹ jáde. Tí owó tí kò yẹ bá jáde, wọ́n á bá a wí; tí owó oníṣòwò bá pẹ́, ta ló máa bá a wí? Nítorí náà, á fi í síbẹ̀, á máa bá iṣẹ́ mìíràn lọ, tí a bá sì pè á ní ó wà lórí rẹ̀. Lóòótọ́, ó wà lórí rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé kò rìn ni.

Ẹ gbọ́ ọ̀ràn ìyá oníwèé kan láàárín wa ní Sábọ́n Gárì níbí. Ọdún 2025 ni. Ilé-ìṣẹ́ kan ní ìhà Bọ́mpáì fún wọn ní ẹ̀lìpíò fún ogún páálí ìwé A4, náírà 30,000 páálí kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ náírà 600,000. Páálí méjìdínlógún ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni tó ń ra ọjà ní ilé-ìṣẹ́ yẹn sì gbà pé kí wọ́n gbé e wá, kí méjì tó kù tẹ̀ lé e. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6 oṣù kẹta, ni wọ́n gbé méjìdínlógún dé. Sátidé, ọjọ́ 8, ni méjì tó kù dé. Sítọ́ọ̀ gbà á lẹ́ẹ̀mejèèjì, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sórí wébíìlì méjèèjì. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 10, ínfọ́ìsì ogún páálí wọ àkáǹtì. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni àdéhùn, ìyẹn ni pé ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ló pé.

Ààwẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọdún ìtúnu ààwẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìyá ní àwọn ò ní da àwọn èèyàn láàmú. Nígbà tó pé tí kò sí nǹkan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Wọ́n lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lórí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbọ́ pé ó ti fẹ́ jáde. Owó àjọ tí wọ́n kó ni wọ́n fi ra ọjà yẹn, àwọn tó kù nínú àjọ sì ti ń wo ojú wọn. A ò lè ṣàlàyé fún ẹni tí kò rí i bí ó ṣe máa ń rí, kí èèyàn jókòó sílùú onílùú, kí owó tirẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó lówó jù ú lọ, kó sì jẹ́ pé òun ni yóò máa tọrọ gáfárà.

A bá wọn jókòó, ọmọ wọn tó ń lọ sí yunifásítì sì kọ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ímeèlì àkáǹtì, wọ́n fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó fún wọn ní ẹ̀lìpíò. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọ̀rọ̀ ínfọ́ìsì wa nọ́ńbà 0147 ni, náírà 600,000, lórí ẹ̀lìpíò yín nọ́ńbà 2231, ogún páálí ìwé A4. Sítọ́ọ̀ yín gba méjìdínlógún ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta, wọ́n gba méjì ní ọjọ́ 8. Àkáǹtì gba ínfọ́ìsì ní ọjọ́ 10, àdéhùn sì pé ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó bóyá ó ti kọjá àyẹ̀wò. Ṣé wọ́n ti buwọ́ lù ú fún sísan? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ló wà, kí ló sì kù tí a lè fún yín? Àwòrán ẹ̀lìpíò àti wébíìlì méjèèjì tó ní òǹtẹ̀ yín wà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí. A dúpẹ́."

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìbínú níbẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí pé ọmọ wa ń ṣàìsàn. Nọ́ńbà ló wà níbẹ̀. Tí èèyàn bá fi nọ́ńbà ránṣẹ́, akọ̀wé kò ní láti wá inú gbogbo fáìlì kó tó mọ èyí tí à ń sọ, kò sì ní sọ pé òun máa wò ó tó bá yá. Ẹ sì kíyè sí i pé wọn ò béèrè ọjọ́ owó.

Lọ́jọ́ Túsìdé, ọjọ́ 29 oṣù kẹrin, ni ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èsì dé: "Páálí méjìdínlógún ni ìwé sítọ́ọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa sọ, ogún ni ínfọ́ìsì yín sọ. Kò tíì kọjá àyẹ̀wò." Àṣé ìwé páálí méjì yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ sítọ́ọ̀ láti oṣù kẹta, wọn ò gbé e lọ sí àkáǹtì rárá! Ọjà náírà 60,000 ló so náírà 600,000 mọ́lẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ méje. Ìyá gbé wébíìlì tó ní òǹtẹ̀ lọ sí sítọ́ọ̀ lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá sítọ́ọ̀ wá ìwé tirẹ̀ jáde, wọ́n jọ gbé e lọ sí àkáǹtì. Ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ wọ inú ọ̀sẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún wọ́n buwọ́ lù ú, ní ọjọ́ 9 owó wọlé.

Ká ní ìwé sítọ́ọ̀ yẹn sọnù pátápátá ńkọ́? A ti jọ rò ó kó tó di pé wọ́n lọ. Wọ́n lè ní kí àkáǹtì jẹ́ kí owó páálí méjìdínlógún, náírà 540,000, máa lọ ná, kí wọ́n sì máa lépa méjì tó kù. Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni kí èèyàn kọ ìwé àdínkù, tí wọ́n ń pè ní kírẹ́dítì nóòtì, pé òun yọ náírà 60,000 kúrò nínú ínfọ́ìsì àkọ́kọ́. Èkejì ni kó fagi lé ti àkọ́kọ́, kó kọ ínfọ́ìsì tuntun. Èkíní la fẹ́ràn, nítorí pé ínfọ́ìsì tuntun ní ọjọ́ tuntun, níbi púpọ̀ wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn láti orí rẹ̀. Tí wọ́n bá fi dandan lé e pé tuntun ni àwọn fẹ́, kí èèyàn béèrè kó tó kọ ọ́ pé ṣé ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa kà àbí ti ìsinsìnyí, kó sì gba èsì rẹ̀ sílẹ̀ ní kíkọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń tan àwọn èèyàn wa jẹ, òun ni "wọ́n ti fọwọ́ sí i." A gbọ́ ọ, a yọ̀, a lọ tọrọ ọjà àwìn lọ́wọ́ àwọn tó ń tà fún wa. Ta ló fọwọ́ sí i? Olórí ẹ̀ka tó lo ọjà lè fọwọ́ sí i pé ọjà dára. Olórí àkáǹtì lè fọwọ́ sí i pé ìwé dọ́gba. Ìkankan nínú méjèèjì kò tíì jẹ́ pé kí owó jáde. Nítorí náà, tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, ẹ jẹ́ ká rọra béèrè: "A dúpẹ́ sà. Ṣé ọ̀gá tó ń buwọ́ lù ú kẹ́yìn ló ti ṣe é, àbí ó ṣì ku ọ̀dọ̀ wọn? Èló ni wọ́n buwọ́ lù?" Iye yẹn ṣe pàtàkì, nítorí wọ́n lè yọ owó orí kúrò nínú rẹ̀. Òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2025 sọ pé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lórí ọjà tí a kó fún ilé-ìṣẹ́, tí oníṣòwò kò bá sì ní nọ́ńbà owó orí, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni. Lórí náírà 600,000, ìyẹn 12,000 tàbí 24,000. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, nọ́ńbà owó orí tí kò sí lórí ínfọ́ìsì yẹn gan-an ló dá ìwé dúró.

Nígbà tí a bá sì ti mọ̀ dájú pé ìbuwọ́lù ìkẹyìn ti wà, ìgbà yẹn ló tọ́ ká béèrè ọjọ́, ká sì béèrè é bó ṣe yẹ: "Ọjọ́ wo ni ẹ máa ń fi orúkọ ránṣẹ́ sí báńkì, ṣé tiwa wà nínú ti ọ̀sẹ̀ yìí?" Ọ̀pọ̀ ilé-ìṣẹ́ ló ní ọjọ́ ìsanwó wọn, ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Èyí akọ̀wé lè dáhùn.

Àwọn àgbà kan láàárín wa ń sọ pé àlejò ni wá, ká má yọ wọ́n lẹ́nu jù, kí wọ́n má baà gbé ẹ̀lìpíò tó ń bọ̀ fún ẹlòmíràn. A bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ a ò gbà. Ohun tó ń yọ ilé-ìṣẹ́ lẹ́nu ni ká lọ pariwo lẹ́nu géètì, tàbí ká fo akọ̀wé dá lọ bá ọ̀gá pátápátá kí a tó bi òun fúnra rẹ̀ léèrè. Akọ̀wé tí a bá ti tú fó báyìí, ìwé wa tó tún ń bọ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè ibi tí ìwé dé, tó sì fi gbogbo nọ́ńbà síwájú wọn, iṣẹ́ ló bá wọn dín kù. Ẹni tó fún wa ní ẹ̀lìpíò náà wúlò níbí, nítorí òun ló lè rìn wọ inú sítọ́ọ̀ tàbí ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka lọ béèrè ìwé tó kù. Àwa dúró sí ìta. Ní ti àwọn tó ń béèrè "nǹkan òpin ọ̀sẹ̀" kí wọ́n tó wo fáìlì, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan, ìwé wa kejì kò ní rìn láìsí i. Ọ̀rọ̀ kíkọ tí ẹni tó ra ọjà náà rí ẹ̀dà rẹ̀ máa ń jẹ́ kó ṣòro fún un láti béèrè.

Ìgbà tí a fi ń béèrè náà lówó nínú. Àárọ̀ ọjọ́ Túsìdé sí Ọjọ́bọ̀ ló dáa. Ní ìhà Àríwá níbí, ọ̀sán Jímọ́ọ̀ kò sí ẹni tí a máa bá nídìí iṣẹ́. Ìparí oṣù, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe; ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ìṣirò oṣù tó kọjá ni wọ́n ń tì. Ṣùgbọ́n èyí tó sàn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kí a má dúró kí ọgbọ̀n ọjọ́ pé rárá. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a fi ínfọ́ìsì sílẹ̀, kí a béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ yín, ṣé ó bá ìwé sítọ́ọ̀ àti ẹ̀lìpíò mu?" Gbèsè kò tíì tó san nígbà náà, kò sí ẹni tí ojú máa tì, kò sí ẹni tó máa gbèjà ara rẹ̀. Ká ní ìyá oníwèé béèrè bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta, ìwé páálí méjì ì bá ti jáde nínú dúrọ́ọ̀ kí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó dé. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó sọ fún ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ìgbà mìíràn wà tí gbogbo ìwé á pé, ìbuwọ́lù á pé, owó ni kò sí nílé-ìṣẹ́ ọ̀hún. Ìbéèrè wa kò lè bí owó fún wọn. Ohun tó lè ṣe ni pé á jẹ́ ká mọ̀. Tí èsì bá jẹ́ pé wọ́n ti buwọ́ lù ú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí orúkọ wa kò sì tíì wọ inú ìwé báńkì kankan, ẹ̀lìpíò tuntun tí wọ́n bá gbé wá lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ ká ní kí wọ́n san ìdajì sílẹ̀ kí a tó di ẹrù. Ẹni tó ṣì ń gbọ́ "ó ti fẹ́ jáde" kò mọ̀ bóyá ìwé ló sọnù tàbí owó ló tán, á sì tún gbé ọjà míràn lọ bá wọn ní àwìn.

Ilé-ìṣẹ́ Bọ́mpáì yẹn ti pe ìyá oníwèé padà fún páálí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kí wọ́n tó di ẹrù rárá ni wọ́n ti bi ọ̀gá sítọ́ọ̀ léèrè pé tí ọjà bá pín sí ẹ̀ẹ̀mejì, ta ló ń gbé ìwé kejì lọ sí àkáǹtì. Ọ̀gá sítọ́ọ̀ ronú díẹ̀, ó ní kí ìyá máa gba ẹ̀dà kan lọ́wọ́ òun, kí wọ́n máa so ó mọ́ ínfọ́ìsì fúnra wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é báyìí.